Gbèsè Sẹ́fà Àǹtí Mi

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan fi ń dà mí láàmú níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí mo bá wà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀, á yọjú. Bí mo bá fẹ́ sùn, á tún dé. Ìbéèrè ọ̀hún kò gùn rárá: báwo ni ilé iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ ṣe lè ta ọjà ju ti ọdún tó kọjá lọ, kí èrè orí ọjà náà sì dára, síbẹ̀ kó parí ọdún sórí òfò tó ń dẹ́rù bani?

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kíní 2023, mo ta gbogbo ṣíà báńkì tí mo ní, mo kó owó rẹ̀ sínú ṣíà ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ. Kì í ṣe pé mo ṣàdédé ṣe é. Ọ̀wọ́n gógó ń gun òkè, Báńkì Àpapọ̀ sì ti gbé owó èlé rẹ̀ láti ìdá 11.5 nínú 100 dé 16.5 láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kọkànlá 2022. Mo ní ìgbà líle ń bọ̀, kí n yáa wá ibi ààbò sá sí. Ta ni kì í jẹun?

Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, àtọ́ka tó ń fi iye ṣíà àwọn báńkì hàn lórí NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà, ti ju ìlọ́po méjì lọ. Tèmi kò kúrò lójú kan, àfi ìgbà tó bá rọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbà tí ìwé ìṣirò ọdún sì jáde, òfò ló wà nídìí ẹ̀. Kò sí owó èrè fún ẹnikẹ́ni tó ní ṣíà níbẹ̀.

### Aago tí mo gbára lé

Ohun tí mo kà tó tì mí sí i ni ohun tí gbogbo ẹni tó bá ti ń ra ṣíà máa ń kà bó pẹ́ bó yá. Àwọn onímọ̀ ọjà ìpín l'Amẹ́ríkà máa ń ya àyípo ọrọ̀ ajé bí ojú aago, wọn á wá kọ ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń gba iwájú sí wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nílẹ̀, owó èlé á ti wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ti fẹ́ ra mọ́tò látọjọ́ yìí, tí ẹ̀rù ń bà, á wá tọwọ́ bọ àpò. Nítorí náà, àwọn tó ń ta ohun tí èèyàn lè fi falẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ: mọ́tò, ilé, ìrìnàjò afẹ́, àti báńkì tó ń yá wọn lówó. Tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀, àwọn oníléeṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ, àwọn oníkọ̀ǹpútà á sì gba iwájú. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá gbóná jù, tí ọjà wọ́n, àwọn elépo rọ̀bì àtàwọn tó ń wa kùsà ló ń jẹ ayé, torí ohun tí wọ́n ń tà gan-an ló wọ́n. Tí nǹkan bá wá ń tutù, owó á sá wọ ilé oúnjẹ, ilé oògùn àti ilé iṣẹ́ mànàmáná. Èèyàn lè má ra mọ́tò lọ́dún yìí, kò ní torí ẹ̀ má ra ọṣẹ.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ẹ wo ọdún 2008 lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2007. Ní ọdún 2008, àpapọ̀ ṣíà tó wà nínú S&P 500, àtọ́ka àwọn ilé iṣẹ́ ńlá 500 lọ́dọ̀ wọn, pàdánù ìdá 37 nínú 100, ti báńkì àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ju ìdajì lọ, àmọ́ nǹkan bí ìdá 15 ni tàwọn tó ń ta oúnjẹ àti ọṣẹ. (Òfò ni ìdá 15 náà o. Ibi ààbò lójú ọjà ìpín kì í ṣe ibi tí òjò kò ti pa èèyàn, ibi tí òjò kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn lọ ni.)

Ohun tó wá jọ mí lójú jù nínú ìtàn náà ni ọjọ́ tó yí padà. Ọjà ìpín wọn kan ìsàlẹ̀ ní 9 oṣù Kẹta 2009, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Oṣù Kẹfà ni ìfàsẹ́yìn náà tó parí. NBER, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó máa ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìfàsẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn, kò sọ pé ó ti parí àfi ní oṣù Kẹsàn-án 2010. Ṣíà àwọn oníkọ̀ǹpútà sì ti fi nǹkan bí ìdá 60 gbéra nínú ọdún 2009 nìkan, nígbà tí tàwọn oníná mànàmáná kò ju bí ìdá 12 lọ. Ẹni tó dúró de ìkéde bá àwo òfìfo.

Èyí ni mo gbé sọ́wọ́ bí àwòrán ìlú, mo fi ń rìn l'Èkó.

### Ọjọ́ Sátidé kan ní Gbági

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Kútọnu ni wọ́n ti máa ń kó ẹrù. Mo yà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kẹta 2024, kì í ṣe torí ṣíà, mo kàn fẹ́ kí wọn ni. Mo bá wọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé kékeré kan wà lórí itan wọn, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, wọ́n ń fi báírò gún ojú ìwé kan bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Àǹtí. Ọjà ò tà ni?"

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọjà ń tà. Ta ló sọ fún ẹ pé ọjà ò tà? Gbèsè ló ń bímọ."

Wọ́n ṣí ìwé náà sí mi. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, wọ́n gba ẹrù àwìn mílíọ̀nù méjì sẹ́fà lọ́dọ̀ oníbàárà wọn ní Kútọnu. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á, sẹ́fà kan kò ju náírà kan àti díẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ náírà ni wọ́n rò pé àwọn jẹ. Wọ́n ta ẹrù náà tán, wọ́n tilẹ̀ jèrè lórí ẹ̀. Àmọ́ wọ́n fi owó náà ra ẹrù mìíràn, wọ́n san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ọ̀hún kò sì tíì tán tí náírà fi ṣubú. Ní oṣù Kejì 2024, sẹ́fà kan ti ju náírà méjì àti ààbọ̀ lọ. Èyí tó kù lọ́rùn wọn nìkan ti tó owó tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Mi ò yá kọ́bọ̀ sí i," wọ́n ní. "Mò ń san ni mò ń jẹ."

Wọ́n wá nawọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Alhaja jókòó sí lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú àpò lọ́rùn. Iṣẹ́ owó ṣíṣẹ́ ló ń ṣe. "Ṣé o rí ìyẹn? Ó sùn, ó jí, ó dolówó. Sẹ́fà ló wà nínú àpótí ẹ̀. Kò tajà kankan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló fò sókè."

Èmi náà bá tú ẹjọ́ tèmi sílẹ̀. Mo ní mo kó owó sínú ṣíà oníoúnjẹ, oúnjẹ ń tà, síbẹ̀ òfò ni wọ́n pè fún wa. Wọ́n wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì.

"Àwọn tó o ra ṣíà wọn yẹn, owó ibo ni wọ́n jẹ?"

Mi ò mọ̀. Ọdún kan gbáko tí mo ní ṣíà náà lọ́wọ́, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; n kò mọ̀ pé orí tèmi náà ló wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

### Ìlà kan nínú ìwé ìṣirò

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìwé ìṣirò náà jáde, mo fò gbogbo àwòrán aláràbarà iwájú rẹ̀, mo lọ tààrà síbi tí wọ́n to gbèsè sí. Dọ́là ni. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè ló yá wọn, torí náírà tí wọ́n ń pa kò rọrùn láti fi rí dọ́là lásìkò tí ìwé ìbéèrè dọ́là pọ̀ ní báńkì bí ẹ̀fọn. Wọ́n yá a láti fi ra èròjà, bí Àǹtí mi ṣe gba léèsì láwìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó rọrùn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan jẹ mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ní òpin ọdún 2022, nǹkan bí náírà 461 ni dọ́là kan lójú òfin, gbèsè náà jẹ́ bílíọ̀nù 46 náírà. Ní 14 oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tó fi di náírà mọ́lẹ̀. Ní òpin ọdún náà, dọ́là kan ti di nǹkan bí 907. Gbèsè kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fi kún un, di bílíọ̀nù 90 ó lé díẹ̀. Òfin ìṣirò sọ pé bílíọ̀nù 44 tó wà láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ wọ inú òfò ọdún yẹn, ìbáà jẹ́ pé ọdún márùn-ún sí i ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa san án. Tí èrè orí ọjà wọn bá jẹ́ bílíọ̀nù 30, òfò bílíọ̀nù 14 ni a ó gbọ́ ní rédíò.

Ẹ wá yí i sí òdìkejì. Báńkì tí dọ́là tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi mílíọ̀nù 100 ju èyí tó jẹ lọ jèrè bílíọ̀nù 44 yẹn gan-an láìyá ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Alhaja abẹ́ agbòòrùn ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nestlé Nigeria ta ọjà tó tó bílíọ̀nù 547 náírà ní 2023, tó fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ó sì parí ọdún pẹ̀lú òfò bíi bílíọ̀nù 79. Nigerian Breweries pa nǹkan bí bílíọ̀nù 600, òfò rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 100. MTN Nigeria náà, tí gbogbo wa ń ra káàdì rẹ̀ bí ẹni ń ra omi, wọ inú òfò. Lọ́dún kan náà, èrè báńkì Zenith ṣáájú owó orí gbéra láti bílíọ̀nù 284 dé bílíọ̀nù 796, ti GTCO láti 214 dé 609. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Aago tí mo kà kò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó yà á kò ní ìdí láti sọ síta. L'Amẹ́ríkà, tí nǹkan bá ń tutù, Báńkì Àpapọ̀ wọn á sọ owó èlé kalẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dé ẹ̀bá òdo ní oṣù Kejìlá 2008. Oníọṣẹ́ wọn jẹ gbèsè dọ́là, dọ́là ló sì ń pa. Ìgbà líle ń mú gbèsè rẹ̀ fúyẹ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà líle sábà máa ń wọlé pẹ̀lú náírà tó ń ṣubú àti owó èlé tó ń gòkè pa pọ̀. Báńkì Àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ 2024 lórí ìdá 18.75, ó parí rẹ̀ lórí 27.5. Oníoúnjẹ tó jẹ gbèsè dọ́là, tó sì tún lọ yá náírà láti fi san án, ọwọ́ méjèèjì ló fi gba ẹgba.

### Okùn méjì tó ń yí kẹ̀kẹ́ wa

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo ọjà wa bí kẹ̀kẹ́ tí okùn méjì ń fà: okùn owó èlé, àti okùn náírà. Ẹ̀ka tó máa gba iwájú sinmi lórí èyí tó ń fà jù lásìkò náà.

Ọdún 2020 fi okùn owó èlé hàn kedere. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Báńkì Àpapọ̀ sọ pé àwọn ará ìlú àti ilé iṣẹ́ abẹ́lé tí kì í ṣe báńkì, títí kan àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, kò gbọdọ̀ ra OMO mọ́, ìyẹn ìwé owó tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà, tó ń san èlé gọbọi. Owó náà kò ríbi gbà, ó rọ́ gììrì lọ sínú ìwé owó kúkúrú ìjọba, títí èlé ibẹ̀ fi wálẹ̀ dé ibi tí kò tó ìdá kan nínú 100 ní oṣù Kọkànlá 2020. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà, tí ọ̀wọ́n gógó sì ti kọjá ìdá 14, kí ló fẹ́ fi èlé tí kò tó ìdá kan ṣe?

Wọ́n yíjú sí ṣíà. Ní ọjọ́ Alámìsì, 12 oṣù Kọkànlá 2020, mo wà nídìí fóònù mi lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àṣé àtọ́ka gbogbo ṣíà ti fi ìdá 5 gòkè láàárín wákàtí díẹ̀, òfin ọjà sì ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá kárà-kátà dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí orí tutù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òfin náà máa ṣiṣẹ́ nìyẹn, láti 2016 tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ìdùnnú ló dá ọjà dúró, kì í ṣe ìjayà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 21 oṣù Kọkànlá, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde pé Nàìjíríà ti wọ ìfàsẹ́yìn. Ọrọ̀ ajé ti sún kì ní ìdá 6.1 láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà, ó tún sún kì ní 3.62 ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ NBER náà ni: ìkéde ń sọ ti àná, ọjà ń ra ti ọ̀la. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún náà, ọrọ̀ ajé ti fi ìdá 0.11 yọrí.

Ta ló wá gba iwájú lọ́dún yẹn? Onísíméǹtì ni. Àtọ́ka àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tí síméǹtì pọ̀ jù nínú rẹ̀, gòkè ní nǹkan bí ìdá 90. Ti báńkì kò ju bí ìdá 10 lọ. Dangote Cement san náírà 16 lórí ṣíà kan fún ọdún 2019. Ẹni tó bá rà á ní náírà 160 ń rí ìdá 10 gbà, nígbà tí ìjọba ń fún un ní ohun tí kò tó kan. Síméǹtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìwé owó ìjọba lójú àwọn tó ń rà á. Nígbà tó sì jẹ́ pé òkúta ilẹ̀ wa ni wọ́n ń lọ̀, wọn kì í gba òkúta láwìn láti ìlú ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2023 wá jẹ́ ti okùn náírà, báńkì àtàwọn elépo gba iwájú. Seplat, tó ń ta epo rọ̀bì, dọ́là ló ń gbà, náírà ni a fi ń díwọ̀n ṣíà rẹ̀ l'Èkó. Bí náírà bá ṣubú, oyè ni fún un. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ èmi ti ń tọ ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà tí owó ń gbà wọ̀ ọ́ ti yí padà láàárín 2020 sí 2023.

### Ibi tó ti máa ń tan ni

Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìwé àkọsílẹ̀ NGX á ní mo ń purọ́, torí ní 2023 kan náà, àtọ́ka àwọn oníoúnjẹ àti ohun èlò ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwọ̀n ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àtọ́ka, BUA Foods sì tóbi nínú rẹ̀ bí erin láàárín ewúrẹ́. Ṣíà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta lọ́dún náà, ó sì gbé gbogbo àtọ́ka dání. Lábẹ́ orúkọ ẹ̀ka kan ṣoṣo yẹn, Nigerian Breweries ń bọ́ sílẹ̀, Nestlé dúró sójú kan. Orúkọ ẹ̀ka kò sọ nǹkan kan fúnni nípa gbèsè. Ẹni tó bá ní òun ń ra "oníoúnjẹ" láìwo ẹni tó jẹ gbèsè dọ́là nínú wọn, ṣe ló dà bí ẹni tó ní òun ń fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, láìbéèrè ọmọ ilé ta ni.

Ìkejì ni pé èrè tí báńkì rí nínú náírà tó ṣubú, orí ìwé ló wà, ìjọba sì ń wò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Báńkì Àpapọ̀ kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ pín in fún oníṣíà, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ìnáwó ojoojúmọ́. Ní oṣù Keje 2024, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí owó orí ìdá 70 nínú 100 lórí èrè bẹ́ẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní oṣù Kẹta 2024, àṣẹ ti jáde pé báńkì tó bá ń ṣòwò dé òkèèrè gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà owó ìdásílẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ọdún méjì. Ṣíà tuntun tí wọ́n ń tà láti fi wá owó náà rọ́ wọ ọjà. Ní 2024 yẹn, àtọ́ka báńkì kò gòkè ju nǹkan bí ìdá 20 lọ, nígbà tí tàwọn elépo ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ọ̀pọ̀ àwọn tó sáré wọ báńkì nígbà tí wọ́n rí èrè 2023, iyán tó ti tutù ni wọ́n bá.

Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìṣirò báńkì jáde, ọkàn mi fò, mo fẹ́ ta oníoúnjẹ mi ní òfò kí n padà sídìí ohun tí mo tà lọ́dún tó ṣáájú. Ohun tó dá mi dúró ni ojú ìwé kan tí mo ti ń kọ́ láti máa kà: àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò nípa ewu owó òkèèrè. Nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ iye dọ́là tó jẹ àti iye tó ní, yóò sì sọ fúnra rẹ̀ pé bí náírà bá fi ìdá báyìí báyìí ṣubú tàbí gbéra, iye báyìí ni yóò fi kún òfò tàbí èrè mi. Gbogbo ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ronú lé lórí, ó wà níbẹ̀ nínú ìwé ọdún 2022, kí n tó ra ṣíà kan. Ìdajì ojú ìwé ni. Mi ò ṣí i.

Àlàyé yẹn ní ojú méjì. Tí ìṣubú náírà bá lè kó gbogbo èrè ilé iṣẹ́ kan lọ, kí náírà kàn dúró sójú kan, láìgbéra rárá, ti tó kí èrè náà yọ padà, torí òfò náà kì í ṣe ohun tó ń bẹ lọ́dọọdún. Kò nílò kí ará ìlú jẹun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ta ìdajì, torí ìbẹ̀rù kì í tán lára ẹni. Mo fi ìdajì sílẹ̀.

Náírà ṣì ṣubú lọ ní 2024, ó kọjá 1,500 sí dọ́là kan, ojú mi rí màbo. Àmọ́ ní 2025 ó dúró. Nígbà tí ìṣirò oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún náà jáde, Nestlé Nigeria ti ní èrè bíi bílíọ̀nù 50, Nigerian Breweries ti kúrò nínú òfò, MTN Nigeria ń pe èrè tó lé ní bílíọ̀nù 400. Ọ̀wọ́n gógó ṣì wà nílùú, owó èlé ṣì wà lókè ìdá 27. Aago Amẹ́ríkà kò ní wákàtí kankan tó jọ èyí.

### Gbági, lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo padà sí ọjà ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ìwé kékeré yẹn ṣì wà, àmọ́ wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà la ojú ìwé Kútọnu já. Wọ́n ní àwọn ti san án tán ní oṣù Kejìlá 2024, àti pé àwọn kì í gba àwìn sẹ́fà mọ́. Owó ọwọ́ ni, tàbí kí ẹrù má wá. Ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù dín kù lóòótọ́. Ògiri apá ọ̀tún, tí léèsì máa ń kún dé òkè àjà, ti ń fi bíríkì rẹ̀ hàn.

Alhaja ṣì wà lábẹ́ agbòòrùn. Mo béèrè bí ọjà ṣe ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní sẹ́fà kò mì láti ọdún yìí, òun ti ń ta omi inú ọ̀rá mọ́ ọn.

Àǹtí mi ní, "Àwọn oníoúnjẹ tìẹ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ti padà bọ̀ sípò, àmọ́ ìdajì ló kù lọ́wọ́ mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ká ìwé náà sínú ìró, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àpò àǹkárá kan dé ibi mọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́rùn mi.